Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Kọ Ìlànà Ìdókòwò Olójú Ewé Kan fún Àsansílẹ̀ Ilé àti Ìfẹ̀yìntì

Àbúrò ìyàwó mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Kubwa, ní ìlú Àbújá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìyàwó, ẹni ọdún 34 ni. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 38, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Wuse. Wọ́n wá sọ́dọ̀ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí àwọn fi ₦3,100,000 tí àwọn ti tọ́jú ra ilẹ̀ ní Kuje ni, àbí kí àwọn fi ra ìpín ìdókòwò? Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, wọ́n sì rò pé ìdáhùn á ti wà lẹ́nu mi. Èmi náà bi wọ́n pé kí ni owó náà wà fún. Ìyàwó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àsansílẹ̀ ilé ni.” Ọkọ ní ọjọ́ ogbó àwọn ni. Owó kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀ fún ọdún mẹ́ta láìmọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kìíní kọ́ ló wà lọ́kàn ẹnì kejì.

Ìwé tí mo ní kí wọ́n kọ kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìnáwó oṣooṣù, kì í sì í ṣe àdéhùn tí èèyàn ń gbé lọ sí kóòtù. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, tí tọkọtaya fi sọ fún ara wọn, nígbà tí ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀, iṣẹ́ tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún, ọjọ́ tí wọ́n máa nílò rẹ̀, ibi tí ó lè wà títí di ọjọ́ náà, ibi tí kò gbọdọ̀ dé, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí nǹkan kò bá rí bí wọ́n ṣe rò. Mo tẹnu mọ́ ojú ewé kan nítorí pé bí ó bá ti di mẹ́rin, kò sí ẹni tí yóò tún un kà nígbà tí ó bá di oṣù Keje. Ti tọkọtaya yìí ni mo máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Iye owó tiwọn ni ẹ máa rí. Kí ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yọ owó tí kì í ṣe ti ìdókòwò kúrò

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ₦640,000 ni ó ń wọlé fún àwọn méjèèjì lóṣù. Ìnáwó wọn jẹ́ ₦400,000, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ₦100,000 tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún owó háyà ilé wà, nítorí ₦1,200,000 ni onílé ń gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí owó háyà yìí, nítorí òun ló ń ba ọ̀pọ̀ ètò jẹ́ ní Àbújá. Onílé kì í gba owó lóṣooṣù, nítorí náà ó máa ń dà bíi pé owó pọ̀ lọ́wọ́ fún oṣù mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ni ọjọ́ owó háyà á dé, a ó sì ju ọwọ́ sínú owó tí a ní kí ó kọ́lé. Owó háyà ní ọjọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì, kò sì gbọdọ̀ bá owó òjijì gbé inú àkáǹtì kan.

Owó òjijì ní tirẹ̀ jẹ́ ìnáwó oṣù mẹ́ta láìka owó háyà mọ́ ọn: ìlọ́po mẹ́ta ₦300,000, èyí tí í ṣe ₦900,000. Wọ́n yọ ọ́ lára ₦3,100,000 tí ó wà nílẹ̀, ó sì ku ₦2,200,000 fún ilé. Báǹkì ni owó òjijì wà, níbi tí wọ́n ti lè rí i gbà lọ́jọ́ kan náà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ NDIC ti gbé owó tí wọ́n ń dá padà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí báǹkì ìṣòwò bá wó lulẹ̀ dé ₦5,000,000, ṣùgbọ́n ₦2,000,000 ni ti báǹkì kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ohun èlò orí fóònù tí a ń pè ní báǹkì jẹ́ báǹkì kéékèèké nínú ìwé àṣẹ wọn, nítorí náà ẹ wo irú ìwé àṣẹ tí ó ní kí ẹ tó kó owó síbẹ̀.

Mo tún ní kí wọ́n ya ₦30,000 lóṣù sọ́tọ̀ fún ẹbí. Ọkọ kọ́kọ́ ní kí a má kọ ọ́ sínú ìwé, pé ó dà bí ẹni ń ṣírò ìyá rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé bí a kò bá kọ ọ́, kò ní ṣàì jáde. Inú owó àsansílẹ̀ ilé ni yóò ti jáde. Ìsìnkú, owó ilé ìwé àbúrò, òògùn bàbá ní Ọ̀ffà, kò sí èyí tí a lè sọ pé a kò ní dá sí nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ìwé lè ṣe ni kí ó fún un ní àpò tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò àsansílẹ̀ náà ní owó òní

Irú ilé tí wọ́n ń wò ní agbègbè Lugbe jẹ́ ₦35,000,000. Ilé ìfowópamọ́ tí ó máa yá wọn lówó ń béèrè pé kí wọ́n mú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wá fúnra wọn, ìyẹn ₦7,000,000. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí èèyàn kọ iye yìí sílẹ̀ kí ó sì dúró níbẹ̀. Agbẹjọ́rò, ẹni tí ó máa díye lé ilé, àyẹ̀wò ìwé ilẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ àti kíkó ẹrù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi ₦1,500,000 sí gbogbo ìwọ̀nyí, àpapọ̀ wá di ₦8,500,000.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún ara wọn, ilé kò sì ní dúró dè wọ́n ní iye kan náà. Bí iye ilé bá ń fi ìdá 15 gòkè lọ́dún, ₦8,500,000 òní yóò ti tó nǹkan bíi ₦14,900,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Iye yìí máa ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà, wọn a sì torí rẹ̀ wá ohun tí yóò sọ owó di ìlọ́po méjì kíákíá. Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn láti ṣírò rẹ̀ tí kò ní kó ìdààmú bá yín. Ẹ gbà pé èlé tí owó yín máa mú wá yóò kàn bá iye ilé rìn ni, kò ní ṣíwájú rẹ̀, kò sì ní kẹ́yìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ṣe gbogbo ìṣirò ní owó òní. Wọ́n nílò ₦8,500,000, wọ́n ti ní ₦2,200,000, ó ku ₦6,300,000. Ẹ pín in sí oṣù 48, yóò jẹ́ ₦131,250. Wọ́n sọ ọ́ di ₦132,000.

Ohun kan ni ó mú kí ìṣirò yìí jẹ́ òótọ́: iye oṣooṣù náà gbọ́dọ̀ máa fi ìdá 15 kan náà gòkè lọ́dọọdún. Ní ọdún kejì yóò di ₦152,000, ní ọdún kẹta ₦175,000, ní ọdún kẹrin nǹkan bíi ₦201,000. Ẹni tí ó bá fi ₦132,000 síbẹ̀ láìyí padà fún ọdún mẹ́rin yóò ṣe déédéé lóṣooṣù, yóò sì rò pé òun ti ṣe ohun gbogbo, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ bá pé owó náà kò ní tó. Bí owó oṣù yín kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n báyìí, kí ẹ fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ibi tí owó ilé lè wà

Ọjọ́ tí ẹ máa ná owó ni ó ń pinnu ibi tí ó lè wà. Owó tí ẹ máa nílò láàrin ọdún mẹ́rin kò ní àkókò láti dìde bí ó bá ṣubú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà kọjá 66,000. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, kò tó 22,000 mọ́. Ẹni tí àsansílẹ̀ ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ lódindi bá ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Nítorí náà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kò sí ìpín ìdókòwò kankan nínú owó ilé, bí ó ti wù kí ọjà máa gòkè tó.

Ohun tí ó kù fún wọn kò pọ̀, ó sì tó. Èkíní ni tírẹ́ṣúrì bíìlì, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá fún ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. Báǹkì yín lè bá yín rà á, ẹ máa san iye tí ó dín sí ohun tí ẹ máa gbà, èlé yín sì ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Èkejì ni bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, tí DMO, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó gbèsè ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2017. ₦5,000 ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta ni ó wà, èlé rẹ̀ sì máa ń wọ àkáǹtì yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni àpò àjọní tí àwọn alábòójútó owó ń gbá jọ láti yá ìjọba àti báǹkì fún ìgbà kúkúrú, tí àwọn èèyàn ń pè ní mọ́nì máàkẹ́ẹ̀tì. Èyí ni ó yẹ fún owó oṣooṣù, nítorí ẹ lè máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, ẹ sì lè gbà á padà láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe níhìn-ín ni ọjọ́. Bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́ta tí ẹ rà nígbà tí ó ku ọdún méjì kí ẹ ra ilé yóò wà nínú àhámọ́ nígbà tí ẹni tí ó ń ta ilé bá ń pè yín. Ẹ lè tà á ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èlé ọjà bá ti gòkè ju ti tirẹ̀ lọ, ẹni tí ó máa rà á yóò ní kí ẹ dín owó rẹ̀ kù. Nítorí náà, wọ́n kọ ìlà kan tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé náà: ohunkóhun tí a bá fi owó ilé rà gbọ́dọ̀ parí ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a fẹ́ san àsansílẹ̀. Ní oṣù méjìlá tí ó kẹ́yìn, kìkì bíìlì ọlọ́jọ́ 91 àti àpò àjọní ni yóò kù.

Ìyàwó béèrè nípa dọ́là, ìbéèrè rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,400. Tálì, wáyà àti ohun èlò ilé ìwẹ̀ ń tẹ̀ lé dọ́là, iye ilé sì ń tẹ̀ lé wọn. Síbẹ̀ náírà ni owó oṣù wọn, náírà ni àsansílẹ̀ náà, dọ́là sì lè dúró sójú kan fún ọdún kan gbáko nígbà tí bíìlì ìjọba ń mú èlé wọlé. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí dọ́là má kọjá ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé, kí ó wà nínú àpò àjọní tí SEC, àjọ tí ń bójú tó ọjà ìdókòwò, fọwọ́ sí, kí wọ́n sì yí i padà sí náírà ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Ẹlòmíràn lè yan ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí ó ṣe kókó ni kí iye náà wà nínú ìwé ṣáájú kí ìròyìn dọ́là tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya owó ìfẹ̀yìntì sọ́tọ̀, kí ẹ sì yẹ ohun tí ó ti wà níbẹ̀ wò

Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8 nínú owó oṣù sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ náà tí a ń pè ní RSA. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ti ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó mọ̀. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan béèrè fún àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ti ìyàwó pé, ₦3,200,000 ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje. Ti ọkọ kò pé: wọ́n yọ ìdá 8 rẹ̀ lára owó oṣù fún oṣù méje láìjẹ́ pé ó dé àkáǹtì. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ó bá san owó oṣù. Ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ RSA ni ẹ máa fi wé ara wọn láti mọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, ó so ìwé owó oṣù méjèèje pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì san an ní ìdá méjì. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, ọ̀dọ̀ PenCom, àjọ tí ń bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì, ni ìbá gbé ẹ̀sùn náà lọ.

Inú àpò ìdókòwò tí ó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń kó owó RSA sí. Bí ẹ kò bá yan ohunkóhun, Àpò Kejì ni wọ́n ń fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 sí. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yan Àpò Kìíní, èyí tí ó gbà kí ìpín ìdókòwò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tọkọtaya yìí yan Àpò Kìíní títí di ọdún 45, lẹ́yìn náà Àpò Kejì. Wọ́n tún ń fi ₦40,000 lóṣù sí àpò àjọní tí ń ra ìpín ìdókòwò, nítorí ó ku ọdún 26 kí ìyàwó tó pé 60, ìṣubú bíi ti ọdún 2008 ní àkókò láti kọjá níbẹ̀.

Ìbéèrè tí ó gba wa lálẹ́ kan gbáko ni ìdá 25. Láti ọdún 2022, PenCom ti gbà kí òṣìṣẹ́ yọ iye tí kò ju ìdá 25 nínú owó RSA rẹ̀ láti fi ṣe àsansílẹ̀ owó tí ó ń yá láti ra ilé gbígbé. Owó tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ ń san gbọ́dọ̀ ti wọlé fún àpapọ̀ oṣù 60, kí ó má sì ku ohun tí kò tó ọdún mẹ́ta kí ẹni náà fẹ̀yìn tì. Tọkọtaya lè jọ tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé ojú òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ìyàwó ti pé. Oṣù 41 péré ni ti ọkọ. Nítorí náà ₦800,000 ni ìyàwó nìkan lè yọ lónìí.

Ọkọ fẹ́ kí a kà á mọ́ owó ilé lójú ẹsẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí owó náà bá ń fi ìdá 3 péré ju ọ̀wọ́ngógó ọjà lọ lọ́dún, ₦800,000 yóò ti ju ₦1,700,000 owó òní lọ nígbà tí ìyàwó bá pé 60. Owó ìyàwó nìkan ni a máa mú, ilé àwọn méjèèjì ni yóò sì bá lọ. A wá kọ ọ́ báyìí: a kò ní ka ìdá 25 sínú ètò, a lè lò ó láti dí àlàfo tí ó bá kù nígbà tí ilé bá ti wà lọ́wọ́, bí àlàfo náà kò bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá àsansílẹ̀, bí a bá sì lò ó, ọkọ yóò máa fún ìyàwó ní ₦20,000 lóṣù, kí ìyàwó máa fi iye bẹ́ẹ̀ kún RSA rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún àtinúwá, títí tí iye náà yóò fi padà. Ìyàwó ni ó ní kí a fi gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí kún un, mo sì rò pé ó tọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ ohun tí ẹ kò ní ṣe, pàápàá nígbà tí ẹ bá kẹ́yìn

Nígbà tí ètò bá ń lọ dáadáa, kò sí ẹni tí ń wá wàhálà. Ìgbà tí iye ilé bá fò, tí owó yín sì kẹ́yìn, ni ọ̀rẹ́ kan á pè yín pé òun mọ ibi tí wọ́n ń san ìdá 30 lóṣù. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni MMM àti CBEX. MMM dí àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX wó ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kó owó sí i kò sì ní mọ ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́jọ́. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lórí sec.gov.ng, kí ẹ sì rí i pé iṣẹ́ tí ó ń bá yín ṣe ni ó gba àṣẹ fún.

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe tí ó yàtọ̀ sí èyí. Mo mú àsansílẹ̀ ilé mi ra ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Lugbe, nítorí ìwé tí wọ́n fi hàn mí dára lójú. Nígbà tí mo wá san owó àyẹ̀wò ní AGIS, ọ́fíìsì tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, orúkọ ẹni tí ó tà á fún mi kò sí níbẹ̀ rárá. Ó gbà mí ní ọdún méjì kí n tó rí ohun tí kò tó ìlàjì gbà padà. Mo ti ṣe nǹkan náà ní òdìkejì: owó jáde kí àyẹ̀wò tó wọlé. Ẹ mọ̀ pé ní Àbújá, ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ ilé inú ẹ́sítéètì sábà máa ń wà ní orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kì í ṣe ti ẹni tí ó ra ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà agbẹjọ́rò yín gbọ́dọ̀ rí ìwé tí ó máa jáde ní orúkọ yín. Ìlà kan nínú ìwé tọkọtaya yìí wá láti inú ọgbẹ́ mi.

Bí wọ́n bá kẹ́yìn, ohun mẹ́ta péré ni ìwé gbà kí wọ́n ṣe: kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, kí ó má ju oṣù 18 lọ, kí wọ́n wo ilé tí ó kéré sí i, tàbí kí wọ́n wo agbègbè míràn. Gbígbé owó lọ sí ibi tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ọ́ jáde

Ohun tí wọ́n kọ nìyí, mo kàn yọ orúkọ wọn kúrò:

ÌLÀNÀ ÌDÓKÒWÒ WA

1. Owó òjijì: ₦900,000, ní báǹkì. Àìsàn, àìríṣẹ́ tàbí ìjàǹbá nìkan ni a lè torí rẹ̀ ná an. Bí a bá ná an, a ó dá a padà kí a tó tún fi owó sí ilé.

2. Owó ilé: ₦8,500,000 ní owó òní, láàrin oṣù 48. A ní ₦2,200,000. ₦132,000 lóṣù, yóò fi ìdá 15 gòkè ní gbogbo oṣù Kìíní.

3. Owó ilé lè wà nínú bíìlì ìjọba, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba, àpò àjọní onígbà kúkúrú, àti dọ́là tí kò ju ìdá kan nínú márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ilé.

4. Owó ìfẹ̀yìntì: RSA àwa méjèèjì ní Àpò Kìíní títí di ọdún 45, lẹ́yìn náà Àpò Kejì. ₦40,000 lóṣù sí ìpín ìdókòwò. A kò ní tà á nítorí pé ọjà ṣubú.

5. Ìdá 25 RSA: kò sí nínú ètò. Àlàfo tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá nìkan ni ó lè dí, a ó sì dá a padà.

6. Ẹbí: ₦30,000 lóṣù. Ohun tí ó bá kọjá èyí, àwa méjèèjì ni yóò pinnu rẹ̀, kò sì ní wá láti inú owó ilé.

7. A kò ní fi owó ilé ra ilẹ̀, ìpín ìdókòwò tàbí owó orí ayélujára. A kò ní yá ẹnikẹ́ni. A kò ní san kọ́bọ̀ kan fún ilé kí èsì AGIS àti ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò tó dé.

8. Bí a bá kẹ́yìn: ọjọ́, ìwọ̀n ilé, tàbí agbègbè ni a ó yí padà.

9. A ó yẹ ìwé yìí wò ní oṣù Kìíní àti oṣù Keje. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ìlà kan padà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, a ó dúró fún ọjọ́ 30, àwa méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i.

Ó gba ojú ewé kan géérégé. Ọjọ́ 30 inú ìlà kẹsàn-án ni ó wúlò jù fún ọkọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, nítorí ìmọ̀ràn ilẹ̀ tí ó ní kí a san owó kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú kò lè dúró fún ọjọ́ 30.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jẹ́ kí owó máa rìn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò

Wọ́n ní kí báǹkì máa yọ ₦132,000 àti ₦40,000 ní ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé. Ìyàwó ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ilé, ọkọ ni ó ń tọ́jú ti ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ bí a ṣe ń wọ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, a sì ti kọ orúkọ ẹnì kejì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó máa jogún rẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti béèrè. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń dáhùn nígbà àyẹ̀wò: ṣé gbogbo owó oṣù mẹ́fà ló wọlé, títí kan ti agbanisíṣẹ́? Èló ni ilé mẹ́ta irú èyí tí a ń wá ní Lugbe báyìí? Ṣé ohun tí a rà yóò parí kí ọjọ́ tó pé? Wọn kì í béèrè bóyá ọjà dára.

Àmì tí ó fi hàn pé ìwé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni kí àpò kan máa “yá” òmíràn lówó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti mọ̀ pé iye kan nínú ìwé kò bá ayé yín mu, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ibi tí ó wà.

Ní oṣù Keje àkọ́kọ́, owó ilé fi ₦46,000 dín. Ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ní Ọ̀ffà ti gba àpò ẹbí tán, wọ́n sì ti mú ìyókù láti inú owó ilé ní oṣù Karùn-ún láìkọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ka ìlà kẹfà, wọ́n rí i pé ₦30,000 kò tó fún ìdílé tiwọn, ọkọ kọ àbá kan pé kí ó di ₦38,000, kí àfikún ₦8,000 náà wá láti inú ₦38,000 tí ó ń ṣẹ́ kù lóṣù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Wọ́n dúró fún ọjọ́ 30. Wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì dá ₦46,000 náà padà láàrin oṣù méjì.